Gbólóhùn kan nínú àṣamọ̀ mi: àkọsílẹ̀ aládìrẹ kan ní Òṣogbo

Gbólóhùn kan péré ni alábòójútó mi fi bíírò pupa fà nídìí nínú àṣamọ̀ mi. Àṣamọ̀ ni ojú ìwé kan tó máa ń ṣíwájú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, tó ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà dá lé, bí a ṣe ṣe é àti ohun tí a rí. Tèmi, tí mo kọ fún oyè másítà, dá lórí bí báńkì ṣe ń yá àwọn oníṣòwò kékeré lówó láwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú. Gbólóhùn náà nìyí: "Àìní ohun ìdógò ni olórí ìdí tí báńkì kì í fi í yá oníṣòwò kékeré lówó." Mo ti bá a pàdé nínú ìwé tó pọ̀ débi pé n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Alábòójútó mi kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tó sọ ni pé, "Ta lo bi? Mú ẹnì kan ní Òṣogbo yìí, tọ owó rẹ̀ láti ọjọ́ tó tọrọ ẹ̀ títí dọjọ́ tó san án tán, kó o tó tún gbólóhùn yìí kọ."

Ẹni tí mo mú ni ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí igbó Ọ̀ṣun. Mo fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, mo sì fi orúkọ àwọn ilé owó tó bá lò pamọ́ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé ìyọ̀ǹda lọ bá a pé kó tẹ̀ka sí i, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò nínú ìkòkò aró ni. Mo na páàdì íǹkì sí i, kò gbà á. Ó kàn gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé ìwé náà, òǹtẹ̀ náà sì jáde rekete, ó dú, ó tún fi àwọ̀ ojú ọ̀run hàn létí. Ìwé yẹn ṣì wà nínú fáìlì mi.

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ló kọ́kọ́ wọ báńkì. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà ló tọrọ, láti ra aṣọ funfun sílẹ̀ kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé ní oṣù kẹjọ. Báńkì ní kó mú ìwé ilẹ̀ wá, kó mú àkọsílẹ̀ àkáǹtì ọdún kan wá, kó sì wá onídùúró méjì. Onídùúró kò ṣòro fún un. Ilẹ̀ náà wà, ilé kékeré kan tiẹ̀ wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó ní lórí rẹ̀ kò ju ìwé àdéhùn tí àwọn àgbà ẹbí tó ta ilẹ̀ fún un fọwọ́ sí lọ.

Ibí yìí ni gbólóhùn mi ti rí ẹsẹ̀ dúró díẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ilẹ̀ dógò gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ní 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ kan tí ẹni tó fi ilé dógò fún báńkì ti pe báńkì náà lẹ́jọ́ pé gómìnà kò fọwọ́ sí ìdógò ọ̀hún. Ẹni tó yáwó ló jàre. Láti ìgbà náà, ìwé àdéhùn ẹbí, bí ó ti wù kó jẹ́ òtítọ́ tó, kò jẹ́ nǹkan kan lójú agbẹjọ́rò báńkì. Kí èèyàn tó gba ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ àti ìyọ̀ǹda, ó máa náwó, ó sì máa pẹ́, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kò ju oṣù mẹ́rin lọ mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka lẹ́tà tí báńkì fi dá a lóhùn, ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Wọ́n ní owó tó ń wọlé sínú àkáǹtì rẹ̀ kò lè gbé gbèsè tó ń tọrọ. Mo jókòó tì í, a yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ₦74,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀. Ó ní ìwé àjákọ kan tó fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ lẹ́yìn, àmì ìka aró ló kún etí ìwé náà, ibẹ̀ ló ń kọ ọjà tó bá tà sí. Kì í kọ orúkọ oníbàárà, irú aṣọ ló ń kọ: "ẹlẹ́kọ mẹ́fà," "alábẹ́là mẹ́ta," pẹ̀lú iye owó níwájú wọn. A ro oṣù kẹta yẹn pọ̀ nínú ìwé náà, ó jẹ́ ₦310,000.

Níbo ni ìyókù wà? Apá kan jẹ́ owó ọwọ́ tí àwọn oníbàárà san nísọ̀ rẹ̀, tó sì fi ra kọ́sítíìkì àti lẹ́búlẹ́bú aró lọ́jọ́ kejì láìdé báńkì. Èyí tó pọ̀ jù wọ àkáǹtì ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà l'Ékòó, torí pé ọmọ yẹn ló ń ya fọ́tò aṣọ sórí fóònù, òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, òun ni wọ́n ń sanwó fún. Ó ń fi owó náà ránṣẹ́ sílé ní aṣọ: ó ń ra aṣọ funfun ní Èkó, ó ń dì í mọ́tò. Owó náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò kàn gba ibi tí báńkì ti lè rí i kọjá ni.

Mo mú ìbéèrè náà lọ bá òṣìṣẹ́ ìyánilówó kan ní báńkì mìíràn, kì í ṣe èyí tó dá ìyá padà. Mo fi àwòrán ìwé àjákọ yẹn hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo gbà pé òótọ́ lèyí. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo máa fọwọ́ sí i. Àwọn tó wà ní olú iléeṣẹ́ wa kò ní rí ìwé yìí, ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n máa rí." Mo bi í bóyá a kò lè fi aṣọ tó wà nílẹ̀ dógò, torí òfin kan ti wà láti 2017 tó gba pé kí a fi ohun tí kì í ṣe ilẹ̀ dógò, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ ń bójú tó. Ó mọ òfin náà. Ó ní aṣọ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí lè tà lọ́la, ó tiẹ̀ yẹ kó tà, torí owó rẹ̀ ni a ó fi san gbèsè. Tí kò bá wá tà, báńkì kò mọ ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ òun.

Ó tún fi ohun kan yé mi tí n kò kọ sínú àṣamọ̀ mi àkọ́kọ́ rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìdá owó tí àwọn báńkì ńlá gbọ́dọ̀ fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti 32.5 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó ti di 50. Èyí ni pé nígbà yẹn, nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí oníbàárà bá fi pamọ́, ìdajì ń lọ jókòó síbi tí kò ti mú èlé wá. Lórí ìyókù, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń yáwó, ó ń san èlé tó jọjú, kò sì sí báńkì tó ń dààmú pé ìjọba kò ní san. Ẹ wá gbé aládìrẹ tó ní ₦74,000 nínú àkáǹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọba.

Ẹnì kan lè ní kí báńkì bu èlé tó wúwo lé e, kó sì yá a. Joseph Stiglitz àti Andrew Weiss, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, ti dáhùn èyí ní 1981. Bí èlé bá ṣe ń ga, àwọn tó ń fara balẹ̀ ṣòwò ló ń kọ́kọ́ yẹra, torí wọ́n mọ̀ pé èrè àwọn kò lè gbé e. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú owó ló ń kù, torí bí ó bá bàjẹ́, owó ẹlòmíràn ló bàjẹ́. Báńkì tí kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ máa dá èlé dúró síbì kan, yóò sì dá àwọn kan padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣe tán láti san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá yìí wà lára àwọn tí wọ́n dá padà. Ohun ìdógò jẹ́ ọ̀nà kan tí báńkì fi ń ya ẹni rere sọ́tọ̀. Àkọsílẹ̀ àkáǹtì tó pé jẹ́ òmíràn. Kò ní ìkíní, èkejì sì wà lórúkọ ọmọ rẹ̀.

Ó wá bọ́ sọ́wọ́ gbómúlélàńtà. Ẹni tó bá ti rí gíláàsì àtùpà lántà tó gbóná mọ̀ ohun tí àwọn obìnrin ọjà ní lọ́kàn tí wọ́n fi sọ àwọn ayánilówó kéékèèké bẹ́ẹ̀. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í gba owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ wọn, oṣooṣù ló ń gbà á. Wọ́n yá a ní ₦300,000 ní àárín oṣù karùn-ún, fún oṣù mẹ́fà. Èlé, wọ́n ní, jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Wọn kò béèrè ilẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin míì ni wọ́n dúró fún un, òun náà sì dúró fún wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ wo márùn-ún yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìrò. Márùn-ún lórí ₦300,000 jẹ́ ₦15,000. Wọ́n pín ₦300,000 sí mẹ́fà, ó jẹ́ ₦50,000. Nítorí náà, ₦65,000 ló ń san lóṣù, lẹ́ẹ̀mẹfà, gbogbo rẹ̀ ₦390,000. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, ó wà nínú káàdì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ₦300,000 yẹn kì í ṣe gbogbo oṣù mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó san ti oṣù kìíní, ₦250,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó wọn, síbẹ̀ ₦15,000 náà ni èlé. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ₦50,000 péré ló ṣì jẹ, ₦15,000 yìí kan náà ló sì san lé e lórí. Ọgbọ̀n lórí ọgọ́rùn-ún nìyẹn fún oṣù yẹn. Tí a bá ṣírò èlé lórí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an lóṣooṣù, márùn-ún tí wọ́n sọ di mẹ́jọ àti díẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n yọ ₦30,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìpamọ́ tí yóò gbà tó bá san tán, wọ́n tún yọ ₦6,000 fún fọ́ọ̀mù àti ìṣètò. ₦264,000 ló gbé délé. Tí a bá ka èyí mọ́ ọn, èlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́wàá àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fẹnu sọ. Ẹni tó bá fẹ́ dán ayánilówó wò kò nílò ìṣirò gígùn. Kó béèrè pé èlé oṣù tó kẹ́yìn jẹ́ èélòó. Bí ó bá dọ́gba pẹ̀lú ti oṣù kìíní, orí gbogbo owó ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀.

Mo rò pé mo ti rí ohun tí mo ń wá: owó yíyá tó wọ́n. Mo sọ fún ìyá pé mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù ló san. Kò yà á lẹ́nu tó bí mo ṣe retí. Ó ní, "Ọmọ mi, èrè mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ná ₦180,000 lórí ọgọ́rùn-ún yáàdì, tó fi dórí aró àti owó àwọn ọmọṣẹ́, mò ń tà á ní ₦270,000 nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Òjò ló dà mí láàmú."

N kò tètè lóye. Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, níbi okùn tó ń sá aṣọ sí. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, òjò máa ń pọ̀ gan-an ní Òṣogbo kó tó dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Nínú oṣù méjèèjì yẹn, aṣọ tí ẹ rẹ láàárọ̀ lè wà lórí okùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Aṣọ tó bá pẹ́ ní tútù máa ń ní àbàwọ́n, ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ọdún kò sì ní gbà á. Torí náà, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń kó aṣọ jọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan tà. Àmọ́ gbómúlélàńtà kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Àárín oṣù kẹfà ni wọ́n gba ₦65,000 àkọ́kọ́, àárín oṣù keje, wọ́n gba òmíràn.

Níbo ló ti rí i? Ó fi ti oṣù kẹfà pa mọ́ lára ₦264,000 náà lọ́jọ́ tó gbà á. Owó tó yá láti fi ra aṣọ ló fi san owó tó yá. Ti oṣù keje, ó gba àjọ rẹ̀ ṣáájú àkókò, ó sì san nǹkan díẹ̀ fún ẹni tó gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. ₦130,000 nìyẹn tí kò di aṣọ. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà lórí iye èlé, kò sí èyí tó múra mi sílẹ̀ fún èyí.

Mo padà sídìí ìwé. Ní 2013, Erica Field, Rohini Pande àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti ìlú Kolkata ní Íńdíà. Ayánilówó kékeré kan níbẹ̀ ní kí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó sì fún àwọn míì ní oṣù méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kèké ni wọ́n fi pín wọn, wọn kò ṣa ẹnikẹ́ni. Àwọn tó gba oṣù méjì fi owó púpọ̀ sí i sínú òwò, èrè wọn sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò san gbèsè nínú wọn tún pọ̀ jù. Ohun méjèèjì ló yẹ kí a mú bọ̀ ní Òṣogbo, kì í ṣe èyí tó dùn ún gbọ́ nìkan.

Mo wá bi ara mi pé kí ni yóò ná ìyá yìí bí ayánilówó náà bá dúró dè é fún oṣù méjì, láìfi èrè tirẹ̀ ṣòfò. Tó bá fẹ́ kó ṣì jẹ́ mẹ́jọ lóṣù lórí ohun tó kù, ìyá yóò san nǹkan bíi ₦106,000 lẹ́ẹ̀mẹrin, láti oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá. Ó máa sún mọ́ ₦423,000 dípò ₦390,000. Dídúró náà ná an ní ₦33,000. Ṣùgbọ́n ₦130,000 tó máa di aṣọ á mú èrè bíi ₦65,000 wá, bí ó bá tà. Bí òjò bá wá wọ oṣù kẹjọ, tí aṣọ sì kù sílẹ̀, gbèsè tó tóbi jù ló máa dúró sọ́rùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn obìnrin mẹ́rin tó dúró fún un yóò sì bá a gbé e. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn ayánilówó fi fẹ́ràn kí wọ́n tètè máa gbà á díẹ̀díẹ̀: ẹni tí kò ní san yóò tètè hàn.

Mo tún àṣamọ̀ náà kọ. Apá tó kan ọ̀rọ̀ yìí nìyí:

"Iṣẹ́ yìí ṣàyẹ̀wò owó yíyá fún àwọn oníṣòwò kékeré nípa títọ ìrìn owó aládìrẹ kan ní Òṣogbo láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kọkànlá ọdún 2024. A lo lẹ́tà báńkì, àkọsílẹ̀ àkáǹtì, káàdì ayánilówó àti ìwé ọjà tirẹ̀. A rí i pé àìní ìwé ilẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ dènà rẹ̀ ní báńkì. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjà tó tà nínú oṣù tí a yẹ̀ wò kò gba àkáǹtì rẹ̀ kọjá. Lọ́dọ̀ ayánilówó kékeré, èlé gidi jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí a fẹnu sọ, síbẹ̀ èrè òwò náà lè gbé e. Ohun tó dín òwò náà kù ni pé owó sísan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú kí owó ọjà tó wọlé. Ọ̀ràn ẹnì kan ṣoṣo ni èyí, a kò sì lè fi díwọ̀n iye àwọn tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀."

Kí n tó fi ránṣẹ́ sí alábòójútó mi, mo ka á sétígbọ̀ọ́ ìyá. Ó ń lu aṣọ lọ́wọ́, ó dáwọ́ dúró nígbà tí mo dé ibi oṣù méjì. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé oṣù kẹjọ lowó ń wọlé? Oṣù kẹjọ ni aṣọ ń jáde. Àwọn tó ń tà á fáwọn tó wá sí ọdún, àwìn ni mò ń kó o fún wọn. Ó di bí wọ́n bá ta tiwọn tán, oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n tó san tèmi." Mo bi í níbo ló ti wá rí ₦65,000 ti oṣù kẹjọ, èyí tí èmi ti kọ pé owó ọdún ló fi san. Ó ní owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni.

Mo ṣí káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìsanwó oṣù kẹjọ fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́, wọ́n sì kọ owó ìtanràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, n kò béèrè. Mo tún ìṣirò náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti oṣù kẹsàn-án, yóò jẹ́ ìsanwó mẹ́ta, bíi ₦147,000 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ ₦440,000. Nínú àṣamọ̀, mo pa "oṣù méjì" rẹ́, mo kọ "oṣù mẹ́ta."